Ọfà Mẹ́rin Inú Àwòrán Kìíní

Orúkọ tí atẹ̀wé máa ń pe ìyàwó rẹ̀ nílé ni Ọ̀mọ̀wé-ku-díẹ̀. Ó ti di ọdún karùn-ún tí obìnrin náà ti ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, tó ń fi maikirosikóòpù wo gbòǹgbò ẹ̀wà. Olú kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń wá, irú èyí tó máa ń gbé inú gbòǹgbò tí yóò sì máa bá a wá oúnjẹ nínú ilẹ̀. Ní gbogbo ọdún márùn-ún yẹn, bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ni yóò parí, "ó ku díẹ̀" ni ìdáhùn rẹ̀. Ta ni kò ní sọ ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ?

Òun náà kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lọ lásán. Ọ̀gá Káàdì ló ń pè é. Lójú tirẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ìtẹ̀wé ọkọ rẹ̀ kò ju káàdì ìgbéyàwó lọ, àti kí ó máa bá àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà nu ìrorẹ́ kúrò lójú kí wọ́n tó gbé fọ́tò wọn sórí bébà. Ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín ni o, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ dáadáa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọ̀rọ̀ kọjá ẹ̀rín. Ọ̀mọ̀wé-ku-díẹ̀ wọlé sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó jókòó sórí páálí bébà tí wọn kò tíì tú, ó sì na fóònù sí i. Jọ́nà, ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ àwọn olùwádìí jáde, tó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ti dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Wọn kò ní iṣẹ́ náà kò dára. Wọn kò tilẹ̀ tíì kà á. Wọ́n ní àwọn àwòrán àti àwọn àtẹ inú rẹ̀ kò bá ìlànà mu, pé bí kò bá tún wọn ṣe kí ó sì dá wọn padà kí aago méjìlá ọ̀sán Tọ́sìdeè tó lù, àwọn yóò pa fáìlì rẹ̀ dé.

Atẹ̀wé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ nílé títí tí ògiri fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ láti gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, àfi bó bá ní lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ jọ́nà pé ó kéré tán, iṣẹ́ rẹ̀ kan ti wà lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ti ìwé orúkọ ti ọdún yìí. Bí lẹ́tà yẹn kò bá dé, ó di àmọ́dún, ó sì di ọdún kan sí i lórí gbòǹgbò ẹ̀wà.

Ó gba fóònù, ó ka ìlànà jọ́nà náà láti òkè dé ilẹ̀, ohun tí ìyàwó rẹ̀, ká má parọ́, kò tíì ṣe rí. Bí ó ti ń kà á ni ara rẹ̀ ń yá gágá. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ! Àwòrán kò gbọ́dọ̀ sí láàárín ọ̀rọ̀ rárá. Kí ọ̀rọ̀ lọ títí dé ìwé ìtọ́kasí, lẹ́yìn náà ni kí àkọlé gbogbo àwòrán wá lórí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí àtẹ kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé e lórí ojú ìwé tirẹ̀, kí àwọn àwòrán fúnra wọn sì dá dúró ní fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Obìnrin náà ti kó gbogbo wọn há àárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń di ẹrù sínú àpótí. Àtẹ kejì kì í tiẹ̀ ṣe àtẹ, fọ́tò àtẹ ni, ìlà òòró àti ìlà ìbú sì pọ̀ lára rẹ̀ tí ó fi dà bí fèrèsé onírin.

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé o ka ìwé yìí?" ni atẹ̀wé bi í.

Obìnrin náà wo àjà. Ó ní òun wò ó gààràgà.

Ohun tó bí atẹ̀wé nínú jù, tàbí tó dùn mọ́ ọn jù, n kò mọ èwo, ni àwòrán gbòǹgbò. Òun ló ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí níbẹ̀ ni ojú ti lè rí olú náà nínú gbòǹgbò. Jọ́nà ní kí fọ́tò ní ọ̀ọ́dúnrún píksẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tí wọ́n fi ń kó àwòrán jọ, nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́, èyí tó jẹ́ mílímítà márùndínláàádọ́rùn-ún ní fífẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti ṣe é. Ó ní òun ṣí àwòrán náà, òun rí ibi tí wọ́n kọ méjìléláàádọ́rin sí, òun sì kọ ọ̀ọ́dúnrún dípò rẹ̀.

Atẹ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu. Oníbàárà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í tán lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé nọ́ńbà kọ́ ni ń bí píksẹ́ẹ̀lì. Àwòrán yìí ní ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì péré ní fífẹ̀, torí orí fóònù ni wọ́n fi í ránṣẹ́, fóònù sì ti fún un mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ bí jọ́nà ṣe fẹ́, yóò kéré ju ìwọ̀n tí wọ́n bèèrè lọ. Bí wọ́n bá sì fi tipátipá nà án, ẹ̀rọ yóò máa méfò àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì ṣú bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní ó ju ẹgbẹ̀rún píksẹ́ẹ̀lì lọ tí wọ́n nílò.

"Níbo ni ògidì rẹ̀ wà?"

"Ó ní láti wà lọ́dọ̀ Àǹtí Láàbù," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ wá, taa ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

"Àwọn ìyàwó onírorẹ́ ni."

Àǹtí Láàbù ni àgbà obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní yàrá ìwádìí. Kì í nu nǹkan kan rẹ́, kì í sì í fi nǹkan kan ránṣẹ́ lórí fóònù. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ó bá Ọ̀mọ̀wé-ku-díẹ̀ yọ ògidì àwòrán náà láti inú kọ̀ǹpútà ara maikirosikóòpù, ó fi sórí fíláàṣì, ó sì ní kí ó bá òun kí ọkọ rẹ̀, nítorí ọdún mẹ́ta rèé tí òun ti ń sọ ohun kan náà tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ju ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ píksẹ́ẹ̀lì lọ ní fífẹ̀. Nígbà tí atẹ̀wé ṣí i, ó súfèé. Gbòǹgbò náà mọ́ kedere, àwọ̀ búlúù tí wọ́n fi pa á láró ń dán, ìlà kékeré tó ń fi ìwọ̀n hàn wà ní igun ìsàlẹ̀. Ọfà funfun mẹ́rin tún wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dojú kọ àbàwọ́n dúdú kan.

Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó da àwòrán náà kọ sínú fódà tó pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Àṣà rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ó ti ba fọ́tò ìyá arúgbó kan jẹ́ tí ọmọ rẹ̀ sì sunkún ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wẹ́sìdeè ni wọ́n fi gbogbo ọ̀sán jókòó ti kọ̀ǹpútà méjèèjì inú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mú àwòrán, ìyàwó mú ọ̀rọ̀. Obìnrin náà tún àtẹ kejì tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn olóòtú lè fọwọ́ kàn án, ó fi àkọlé rẹ̀ sókè, ó fi àlàyé rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì yọ gbogbo ìlà òòró dànù. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló kàn. Jọ́nà ní bí a bá ṣe kọ́kọ́ dárúkọ àwọn àwòrán nínú ọ̀rọ̀ ni kí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra. Ọ̀gá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Kà-Á-Padà nítorí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, ti ní kí ó gbé ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ gbòǹgbò wá síwájú. Àwòrán kẹrin, ìyẹn ti gbòǹgbò, wá di èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní láti di Kìíní, kí Kìíní di Kejì, kí Kejì di Kẹta, kí Kẹta di Kẹrin. Karùn-ún nìkan ni kò ní kúrò láyè rẹ̀.

Obìnrin náà ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo Àwòrán 1 di 2. Ó ní kí ó sọ 2 di 3. Ó ní kí ó sọ 3 di 4. Ó wá ní kí ó sọ 4 di 1, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, ó sì tọ́jú fáìlì náà. Nígbà tí ó kà á padà, gbogbo wọn ti di Àwòrán 1, àyàfi Karùn-ún.

Ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Ó wò ó títí. Ó ní òun kò rí irú ẹbí yìí rí, àkọ́bí mẹ́rin àti àbíkẹ́yìn kan, tí kò sí ẹnìkankan láàárín wọn.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ni ìyàwó rẹ̀ wí, òun fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

Atẹ̀wé mú ẹ̀dà àárọ̀ jáde, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án, nítorí ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà ìjókòó nínú ìwé ètò òṣèré lẹ́ẹ̀mẹfà kí ó tó kọ́gbọ́n. Ó kọ́kọ́ sọ Kẹrin di nǹkan mìíràn tí kò sí níbẹ̀, ó lo lẹ́tà kan ṣáá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti òkè wálẹ̀, 3 di 4, 2 di 3, 1 di 2, kí ó tó wá sọ lẹ́tà yẹn di 1. Nígbà tí ó parí, kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Orí atẹ̀wé wú. Ọdún márùn-ún ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láìmọ̀.

Bóyá orí wíwú yẹn ló fà á. Ó padà sí ìdí àwòrán gbòǹgbò láti parí rẹ̀, ó sì wo àwọn ọfà mẹ́rin yẹn dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, ohun kan ṣoṣo ni ọfà túmọ̀ sí. Oníbàárà yóò gba bébà àyẹ̀wò, yóò fa ọfà sí ibi tí kò dùn mọ́ ọn, "ẹ bá mi yọ èyí." Kò sí ẹni tó ń fa ọfà sí ohun tó dára. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Àǹtí Láàbù yìí mọ iṣẹ́, ó ti rí àwọn àbàwọ́n ìdọ̀tí yẹn kí òun tó rí wọn. Ó mú irinṣẹ́ tó fi ń nu ìrorẹ́, ó nu àbàwọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nù, ó fi àwọ̀ gbòǹgbò dí ojú wọn tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀, ó wá nu àwọn ọfà náà tẹ̀lé e. Ìlà ìwọ̀n nìkan ni kò fọwọ́ kàn, torí ìlànà sọ pé kí ó wà. Iṣẹ́ náà dára. Gbòǹgbò náà mọ́ bí ojú ìyàwó ọjọ́ Sátidé.

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo fáìlì lọ sí ọ́fíìsì Kà-Á-Padà kí wọ́n jọ fi ránṣẹ́. Atẹ̀wé dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti kọjá aago mọ́kànlá díẹ̀ nígbà tí fóònù dún pé ẹ̀dà tí jọ́nà tò jọ ti wọlé, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí iṣẹ́ náà tó lọ, kí ó bá wọn wò ó bóyá wọ́n tò ó dáadáa, nítorí ojú àwọn ti rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi í. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ó jókòó, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Ìwé ìtọ́kasí, ó dára. Ojú ìwé àkọlé, ó dára, ọ̀rọ̀ "Àwòrán" àti nọ́ńbà rẹ̀ dúdú kirikiri, àmì ìdánudúró tẹ̀lé e. Jọ́nà ní àkọlé gbọ́dọ̀ lè dá dúró, kí ẹni tí kò ka iṣẹ́ náà lè fi í mọ ohun tó ń wò, kí gbogbo àmì tó wà nínú àwòrán sì wà nínú rẹ̀. Ó ka ti Àwòrán 1.

Gbòǹgbò ẹ̀wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn gbígbìn, ni wọ́n kọ. Àwọn ọfà ń tọ́ka sí àpò olú nínú gbòǹgbò. Ìlà ìwọ̀n, àádọ́ta maikirómítà.

Ó wo àwòrán. Kò sí ọfà. Ó tún àkọlé kà. Lẹ́yìn náà ni ó mọ ohun tí àwọn àbàwọ́n mẹ́rin yẹn jẹ́. Ọdún márùn-ún ìyàwó rẹ̀ ni ó nù kúrò bí ìrorẹ́.

Ẹ̀rù bà á gidi gan-an, n kò ní fi bò. Aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá dákẹ́, iṣẹ́ náà á lọ, lẹ́tà á dé, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Bí wọ́n bá sì wò ó, kì í ṣe ọkọ onítẹ̀wé ni wọn yóò ní ó pa nǹkan rẹ́ nínú àwòrán ìwádìí. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló wà níwájú. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi í jẹ lánàá parí nìyẹn, yóò padà di Ọ̀gá Káàdì títí ayé. Ó gbé fóònù.

"Ìyàwó mi, má tíì tẹ nǹkan kan," ló sọ. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, àti ọfà àti àbàwọ́n àti irinṣẹ́ ìrorẹ́. Obìnrin náà na fóònù sí Kà-Á-Padà. Lẹ́yìn náà ohùn àgbà ọkùnrin náà wọlé, ohùn tí kò yára rí.

"Ta ló ní kí o pa wọ́n rẹ́?"

"Àwọn ọfà ni, sà."

Atẹ̀wé ṣàlàyé ohun tí ọfà túmọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i bí ó ti ń ṣàlàyé. Kà-Á-Padà bi í bóyá ògidì náà ṣì wà. Ó ní ó wà, sà, nínú fódà Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Ọ̀gá náà ní kí ó má fọwọ́ kàn án mọ́ o, àfi kí ó ṣe ìwọ̀n rẹ̀ bí jọ́nà ṣe fẹ́, kí ó sì fi ránṣẹ́, kì í ṣe lórí fóònù.

Ó ṣí ògidì náà. Ó sọ ọ́ di mílímítà márùndínláàádọ́rùn-ún láìyọ píksẹ́ẹ̀lì kankan, ó tọ́jú rẹ̀ sí irú fáìlì tí kì í fún àwòrán mọ́lẹ̀, ó fún un ní orúkọ Àwòrán 1, ó sì fi ránṣẹ́. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó jẹ́ kó lọ. Ọfà mẹ́rin, àpò mẹ́rin. Àṣé wọ́n rẹwà.

Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Ó lọ." Kò sí Ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú rẹ̀, kò sí Ọ̀gá Káàdì lẹ́yìn rẹ̀. Atẹ̀wé jókòó sórí páálí bébà tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìyàwó rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án yẹn. Atẹ̀wé ti to ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ bí káàdì, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní kí ó dákẹ́ ná. Ó ní òun àti Kà-Á-Padà àti Àǹtí Láàbù, àwọn mẹ́ta tí orúkọ wọn wà lórí iṣẹ́ náà, ni wọ́n ka àkọlé yẹn láàárọ̀. Kà-Á-Padà kà á lẹ́ẹ̀méje, ó tilẹ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbójú sókè wo àwòrán.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wò ó," ló wí. "Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì lè ti dákẹ́, ẹ kò dákẹ́."

Obìnrin náà fa àga, ó sì bá a gé káàdì títí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn.

Lẹ́tà jọ́nà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ náà ti bá ìlànà mu, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò. Orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ọdún yìí, ó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, "ku-díẹ̀" sì já kúrò lára orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó jáde níwájú ìgbìmọ̀, Kà-Á-Padà bọ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bi í bóyá kò sí ohun tó fẹ́ nù kúrò lójú òun.

Ìwé ńlá ìwádìí náà ni atẹ̀wé wá tẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ̀dà mẹ́fà, ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Obìnrin náà gba bébà àyẹ̀wò lọ sílé, ó sì dá a padà ní òwúrọ̀ kejì. Atẹ̀wé ń ṣí i lọ ojú ìwé kan tẹ̀lé èkejì, ó ń wá ibi tí wọ́n fà ní bíírò. Ibì kan ṣoṣo ni, ní ojú ìwé ìdúpẹ́. Wọ́n kọ níbẹ̀ pé òǹkọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, atẹ̀wé, ẹni tó wo àwòrán nígbà tí àwọn yòókù ń ka ìwé. Ọfà bíírò pupa kan dojú kọ ìlà yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: ẹ má pa á rẹ́ o.